Gbólóhùn Ara Ìgò

Bí ẹ bá dé Diobu ní Port Harcourt lọ́dún tí ogun abẹ́lé parí, tí ẹ ní Gàníyù Adékọ̀yà lẹ ń wá, àwọn èèyàn á máa wò yín ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ta-ta lẹ ń wá, ọmọdé tí kò tíì lè nu imú ara rẹ̀ á fà yín lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Orúkọ yẹn dùn mọ́ Gàníyù fún ìgbà díẹ̀. Ó máa ń gbé èjìká sókè bí wọ́n bá fi pè é. Nígbà tó yá, bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ kan báyìí, ṣe ló máa ń yà sí ọ̀nà mìíràn.

Port Harcourt ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, ará Ọ̀fà, ló bá iṣẹ́ rélùwéè débẹ̀, tí kò sì padà sílé mọ́ àyàfi bí òkú bá kú. Iṣẹ́ pátákó ni Gàníyù ń ṣe: ó ń kọ orúkọ sára ṣọ́ọ̀bù àti ọkọ̀, ó sì ń bá àwọn oníṣòwò wá gbólóhùn kúkúrú tí aráàlú á fi máa rántí ọjà wọn. Ká sọ òótọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gún. Lẹ́tà S rẹ̀ máa ń rí bí ẹni tí inú ń run. Ṣùgbọ́n tó bá di ká wá ọ̀rọ̀ tó máa mú ẹni tó ń kánjú dúró lójú títì, kò sẹ́ni tó lè bá a dù ú, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù.

Ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Solomon ló kọ́ ọ níṣẹ́, kí ogun tó dé. Solomon kì í bi ẹnikẹ́ni pé, "Ṣé ó dùn?" Ó ní ẹni tó bá bi èèyàn bẹ́ẹ̀, ìyìn ló ń wá kiri. Ohun tó máa ń ṣe ni pé, bó bá rí gbólóhùn kan rò, á dúró de ẹni tó ń gbé ẹrù lọ sọ́jà láàárọ̀, á sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan péré, á sì jẹ́ kó máa lọ. Tí onítọ̀hún bá ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú gbogbo ariwo ọjà lórí rẹ̀, Solomon á tún dá a dúró, á ní, "Kí ni mo wí láàárọ̀? Kí lo máa ṣe sí i?"

"Ojú rẹ̀ ni kó o máa wò," ó máa ń wí fún Gàníyù. "Bó bá ń rẹ́rìn-ín, tó sì ń wo ìwọ, ìwọ ló ń yìn, ọgbọ́n orí ẹ lo fi hàn án. Pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá gbàgbé pé o dúró síbẹ̀, tí ojú rẹ̀ lọ sára ẹrù rẹ̀ tàbí ilé rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ti wọlé. Ìyẹn ni kó o kọ."

Nígbà tí ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀, Gàníyù kó aya àti ọmọ lọ sí Ọ̀fà. Ó kánjú débi pé ó fi àpótí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀, àti àtùpà rélùwéè tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Nígbà tó padà, kò rí Solomon mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n Ibiere, obìnrin Okrika tó ń ta ẹja, tí yàrá wọn kọjú síra nínú agbo ilé kan náà, gbé àpótí náà jáde, ó sì gbé àtùpà lé e lórí. Ó ti rù wọ́n sá lọ, ó sì ti rù wọ́n padà bọ̀, òun tó ní ọmọ tirẹ̀, Boma, láti gbé. Gàníyù dúpẹ́ títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ibiere ní kó jẹ́ kí òun lọ gbé omi òun kaná.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ti inú igbó àti àgọ́ padà wálé, kra-kra sì bá wọn wálé. Ẹ mọ àrùn ara yẹn. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ló máa ń gbẹ́ ihò sábẹ́ awọ, láàárín ìka ọwọ́, lábẹ́ abíyá, ní ìbàdí, tí yóò sì máa yúnni kíkankíkan bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Kò síbi tí ẹ máa gbà kọjá ní Diobu nígbà náà tí ẹ ò ní rí ẹni tó ń họra. Olùkọ́ ń họra níwájú ọmọ ilé-ìwé, ọlọ́pàá ń họra lójú pópó.

Apòògùn kan wà ní Mile One tó ń jẹ́ Augustine, ọmọ Rumuokwurushi. Ó ti pẹ́ nídìí pípo oògùn ní ilé ìwòsàn kó tó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn èèyàn sì ń pè é ní Dókítà, kò sì bá wọn jiyàn. Ó po oògùn olómi kan tó funfun bí ògì, tí òórùn rẹ̀ ń ta sí imú, ó sì ń rọ ọ́ sínú ìgò. Oògùn gidi ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé oògùn ló ní ẹ̀bi nínú ìtàn yìí.

Augustine ránṣẹ́ pe Gàníyù pé kó wá bá òun kọ nǹkan sára ìgò, kó kọ ọ́ sára mọ́tò kékeré tí òun gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí lórí, kó sì máa fẹnu pariwo rẹ̀ káàkiri ìlú. Píjìn ni wọ́n jọ ń sọ. Augustine ti kọ ohun tó fẹ́ sórí bébà: bí ẹnikẹ́ni bá ń họra nínú ilé, gbogbo ẹni tó ń sùn nínú ilé náà ni kó fi oògùn náà para, láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹni tó ń yún àti ẹni tí kò yún, kí wọ́n sì sá ẹní àti aṣọ sóòrùn lọ́jọ́ kejì.

Gàníyù wo bébà náà bí ẹni tí wọ́n gbé ẹ̀bà àná fún.

"Dókítà, ìwàásù lèyí. Ta ló fẹ́ dúró gbọ́ ìwàásù lójú títì?"

"Ohun tó ń wo àrùn náà nìyẹn," Augustine wí. "Bí ẹnì kan ṣoṣo bá fi pa, tí àwọn yòókù ò fi pa, ọ̀dọ̀ wọn ni kòkòrò á wà. Tí wọ́n bá tún jọ sùn lórí ẹní kan, ó ti padà nìyẹn."

"Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ pọ́n ọn wá."

Lóòótọ́ ló lọ pọ́n ọn. Ó gbé e kiri nínú orí fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun àti àbíkẹ́yìn rẹ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà rélùwéè, ọmọ náà ń juwọ́ sí ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ, ó ń pariwo, "Ta-ta! Ta-ta!" Gbólóhùn náà sì já bọ́ sí i lọ́kàn wẹ́rẹ́: *Kra-kra, ta-ta!* Ó dàbọ̀, ìwọ kra-kra. Gàníyù fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún ara rẹ̀ títí ó fi délé. Ó wọ inú ilé, ó sọ ọ́ fún Asiata ìyàwó rẹ̀. Asiata náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó fọwọ́ wá jẹun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró de Ibiere gẹ́gẹ́ bí Solomon ṣe kọ́ ọ. Ibiere gbé báàsì ẹja rù, ó ń lọ sọ́jà. Gàníyù sọ gbólóhùn náà fún un lẹ́ẹ̀kan. Ibiere rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti fọwọ́ méjèèjì di báàsì mú. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó padà, Gàníyù dá a dúró.

"Mama Boma, kí ni mo wí láàárọ̀?"

"Kra-kra, ta-ta!" Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀. "Gani, orí ẹ pé. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ìlà ẹlẹ́ja."

"Bó bá wá ṣe pé Boma ló ń họra ńkọ́? Kí lẹ máa ṣe?"

"Màá rà á. Màá fi pa á lára."

"Pa ta ni lára?"

"Boma náà ni. Ta tún ni?"

Ó sì ń wo ojú Gàníyù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ dídùn mìíràn láti ẹnu rẹ̀.

Gàníyù rí i. Kì í ṣe pé kò rí i. Ó dúró síbẹ̀, ó sì mọ̀ dájú pé ká ní Solomon wà nítòsí ni, pa á rẹ́ ló máa wí. Gbólóhùn tó rọ̀ mọ́ èèyàn létí ni, àmọ́ kò gbé nǹkankan dání. Inú ìpọ́n tó pọ́n ọn yẹn ni "gbogbo ilé" ti já bọ́, tí "lálẹ́ ọjọ́ kan náà" sì bá a lọ. Ohun tó kù kò ju ẹ̀rín lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlà ẹlẹ́ja ti ń sọ ọ́. Ó ro bí orúkọ òun ṣe máa kàn, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ọjà ti rẹ obìnrin yìí, pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á béèrè ní ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó wí fún Augustine náà nìyẹn nígbà tí Augustine bi í pé, "Gbogbo ilé dà níbẹ̀?"

"Wọ́n á béèrè lọ́wọ́ yín, Dókítà. Gbólóhùn á pè wọ́n wá, ẹ̀yin á sọ èyí tó kù."

"O ti dán an wò?"

"Mo ti dán an wò."

Irọ́ kọ́ ló pa, ṣé ẹ rí i? Ó ti dán an wò lóòótọ́. Augustine bojú wo ìgò rẹ̀, ó tún sọ gbólóhùn náà lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀rín sì mú òun náà. Gàníyù ní kí wọ́n yọ ìwàásù kúrò lára ìgò pátápátá kí lẹ́tà ńláńlá lè rí àyè, wọ́n sì yọ ọ́.

Láàárín oṣù kan, ìlú ti gbé e. Gàníyù jókòó síwájú mọ́tò, ó ń fi ẹ̀rọ pariwo láti Mile One dé Oyigbo, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e, wọ́n ń juwọ́. Wọ́n ń rà á. Kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù Augustine nìkan, níbi tí Augustine ti ń fi sùúrù ṣàlàyé fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Àwọn alájàpá ń kó ìgò lọ sí etí omi ní Iwofe, wọ́n ń kó o lọ sí àwọn abúlé, ta-ta nìkan ni wọ́n sì mọ̀ tí wọ́n ń sọ fún àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wọn.

Ilé Gàníyù náà gba kra-kra. Ọmọ rẹ̀ kejì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í họ àárín ìka. Gàníyù gbé ìgò wálé, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ sí kọ̀rọ̀.

"Ìyá Síkí, gbogbo wa ni o. Ìwọ, èmi, gbogbo àwọn ọmọ. Lálẹ́ òní. Láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bó di ọ̀la, sá gbogbo ẹní sóòrùn."

"Èmi tí nǹkankan ò ṣe mí?"

"Ìwọ pàápàá."

Asiata ṣe é bó ṣe wí. Ó fi pa gbogbo wọn lára, oògùn náà ta àwọn ọmọ lára, wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n sùn. Láìpẹ́, kò sẹ́ni tó ń họra nínú ilé Gàníyù mọ́.

Ní òdìkejì agbo ilé, Boma bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Ọmọ obìnrin ni, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká. Ibiere ra ìgò kan lọ́wọ́ alájàpá nínú ọjà. Ó fi pa Boma lára. Ó san díẹ̀. Boma àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń sùn lórí ẹní kan ni, Dagogo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà sì ń sùn lẹ́nu ọ̀nà. Kra-kra tún padà. Ibiere tún ra ìgò mìíràn, ó tún fi pa Boma nìkan lára. Nígbà tí ọmọ náà ti họ awọ ara rẹ̀ bó, oògùn náà wá ń ta á bí ata, igbe rẹ̀ sì ń dé yàrá Gàníyù. Gàníyù á gbọ́ ọ, á sì gbé ohùn rédíò sókè díẹ̀.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò kàn ré agbo ilé kọjá kó lọ sọ ọ́. Òun náà bi ara rẹ̀. Bó bá ti fẹ́ dìde, á rántí pé bí òun bá sọ ọ́, Ibiere á béèrè pé kí ló dé tí kò sí lára ìgò. Ìtìjú yẹn ló ń dá a jókòó. Ó ń retí pé kí ó san fúnra rẹ̀, kí òun má bàa ní ohun tí òun máa sọ. Ohun tó ti Gàníyù lójú jù lẹ́yìn náà nìyẹn, ju gbólóhùn náà lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ibiere wá dúró lẹ́nu ọ̀nà Gàníyù. Kò gbé báàsì, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó wo àwọn ọmọ Gàníyù tí wọ́n ń ṣeré nínú eruku, tí ara wọn ń dán.

"Gani," ó wí jẹ́jẹ́, "èwo lo fún àwọn ọmọ tìrẹ?"

"Báwo ni, Mama Boma?"

"Oògùn. Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni ìwọ àti Dókítà. Mi ò bínú. Bó bá jẹ́ pé èyí tó dáa ló fún ẹ, tó wá ń ta omi fún àwa yòókù, wá sọ fún mi, kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Ojú ọmọ mi ń wú."

Gàníyù bojú wo àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní kò sí èyí tó dáa ju èyí lọ. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Ibiere mi orí, ó lọ.

Ilé ìwòsàn ìjọba gba Boma wọlé. Dókítà ilé ìwòsàn náà ní egbò tó wà lára rẹ̀ ti kẹ̀, pé ìdọ̀tí inú egbò náà ti kó bá kíndìnrín rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ojú rẹ̀ wú, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí omi tíì. Kò ṣe ìlérí kankan fún wọn.

Gàníyù kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Asiata gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó gbé e kúrò. Nígbà tó yá ló wá sọ pé, "Bàbá Síkí, èyí tó o sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ yẹn, o ò sọ ọ́ fún Mama Boma?"

Ó ní òun kò sọ ọ́.

"Háà," Asiata wí, ó sì lọ tẹ́ ẹní fún àwọn ọmọ. Gàníyù ì bá fẹ́ kó bú òun.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sílé ìwòsàn náà. Ibiere jókòó sórí àga gbọọrọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ara rẹ̀. Gàníyù kò jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Ó ní oògùn kan náà ni. Ó ní gbogbo ilé ló yẹ kó fi pa lálẹ́ ọjọ́ kan náà, pé bẹ́ẹ̀ ni Augustine ṣe kọ ọ́, pé òun lòun yọ ọ́ kúrò kí gbólóhùn òun lè dùn.

Ibiere dá abẹ̀bẹ̀ dúró.

"Ìwọ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Lọ́jọ́ tí mo gbé báàsì, tó o bi mí pé ta ni màá fi pa lára?"

"Láti ọjọ́ yẹn. Bẹ́ ẹ ṣe dáhùn báyìí ni mo ti mọ̀ pé gbólóhùn náà ò dáa."

Ariwo kankan kò sí nínú ohùn Ibiere.

"Mo bá ẹ ru àtùpà bàbá ẹ," ó wí. "Nínú igbó yẹn, wọ́n ní kí n jù ú nù. Mo ní ti Gani ni." Ó tún gbé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. "Máa lọ sílé. Wọ́n ń retí ẹ."

Gàníyù kò lọ sílé. Ọ̀dọ̀ Augustine ló gbà lọ, ó sọ fún un pé kó má ta ìgò kankan mọ́ títí òun á fi kọ nǹkan mìíràn sí i lára. Augustine bínú gan-an. Ó ní, "O ní o ti dán an wò." Gàníyù ní, "Mo dán an wò. Ó já kulẹ̀. Mo fi pa mọ́ fún yín ni." Augustine lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé bébà ìwàásù àtijọ́ jáde.

Wọ́n jókòó tì í. Lọ́tẹ̀ yìí, Gàníyù kò wá ohun tó máa pani lẹ́rìn-ín. Ó mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò, ó sì ń bi Augustine pé, "Bí eléyìí ò bá sí, ṣé àrùn á lọ?" Bí Augustine bá ní á lọ, wọ́n á yọ ọ́. Bó bá ní kò ní lọ, wọ́n á fi í sílẹ̀, bó ti wù kó wúwo tó. "Láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀" àti ọ̀rọ̀ ẹní di àwòrán: Gàníyù ní òun á ya bàbá, ìyá àti ọmọ tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí oògùn funfun bò wọ́n láti ọrùn, kí ẹní sì wà lórí okùn lẹ́yìn wọn lábẹ́ oòrùn. Ohun tó kù lẹ́nu ni: *One man scratch, all man rub.* Ẹnì kan họra, gbogbo ilé fi para.

Ó kúrú, ó sì dọ́gba lẹ́nu. Augustine ní kí wọ́n máa kọ ọ́ lọ. Gàníyù ní ó tì.

Ó sọ ọ́ láàárọ̀ fún Àdíját, obìnrin tó ń gbé ata wá láti Oyigbo, ó sì dúró dè é ní ìrọ̀lẹ́. Àdíját kò rẹ́rìn-ín. Ó tún gbólóhùn náà sọ geerege, ojú rẹ̀ sì ti kúrò lára Gàníyù, ó ń ro ilé.

"Màá fi pa àwọn ọmọ lónìí," ó wí. "Bàbá wọn wà lẹ́nu ọkọ̀. Bó bá dé ní Sátidé, màá fi pa òun náà."

Inú Gàníyù dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ náà ti wọlé, ṣùgbọ́n ó ní ihò, kòkòrò sì lè gba ihò náà jáde títí di Sátidé. Ó padà, ó fi ìyókù sí i: *One man scratch, all man rub, same night*, lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Augustine ní ìrù yẹn ti ba ìdọ́gba rẹ̀ jẹ́. Gàníyù ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ kan wà nílé ìwòsàn nítorí ohun tó dọ́gba. Ó tún dán an wò lára èèyàn bíi mélòó kan. Ẹnì kan tiẹ̀ sọ fún un pé kò dùn tó ti àkọ́kọ́, pé ṣé ọgbọ́n ti tán lórí rẹ̀ ni. Gàníyù ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, pé kí ló máa ṣe nílé rẹ̀? Ọkùnrin náà sì ka gbogbo ará ilé rẹ̀ lórí ìka láìṣẹ́ku ẹnì kan.

Ó kun ta-ta pa lára mọ́tò. Ó kun ún pa lára pátákó. Ó lọ sí Iwofe fúnra rẹ̀, ó ń bẹ àwọn alájàpá pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lẹ bébà tuntun mọ́ ìgò tó kù lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ọmọdé kò ṣe é kùn ní ọ̀dà. Ibi gbogbo tí mọ́tò bá dé, bó ti ń pariwo gbólóhùn tuntun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sáré tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń juwọ́: "Ta-ta! Ta-ta!" Wọn kò mọ̀ pé ńṣe lẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ń rọ́jú gbọ́ ọ.

Kíndìnrín Boma padà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé e wálé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ó rù, ojú rẹ̀ ti padà sípò. Nígbà tó rí Gàníyù lójúde, ó gbé ọwọ́ tó gbẹ bí igi sókè, ó juwọ́ sí i. "Uncle Ta-ta," ó wí. Gàníyù juwọ́ padà. Kí ló tún máa ṣe?

Kra-kra ṣì wà nínú yàrá Ibiere, lára àwọn tó kù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí Ibiere ṣe ń gbé báàsì jáde, Gàníyù dúró sí ibi tó máa ń dúró sí. Ó ti gbé ìgò tuntun mélòó kan sẹ́nu ọ̀nà obìnrin náà. Kò kí i, nítorí pé Ibiere kì í dá ìkíni rẹ̀ lóhùn mọ́. Ó sọ gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ibiere kọjá lọ bí ẹni pé ajá ló gbó.

Ní ìrọ̀lẹ́, Gàníyù tún wà níbẹ̀. Kò lè bi í pé kí ni mo wí láàárọ̀, ẹnu rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ṣùgbọ́n Ibiere dúró fúnra rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó sọ báàsì kalẹ̀. Ó mú ìgò kan, ó wo àwòrán tó wà lára ìgò náà, lẹ́yìn náà ó bojú wo inú ilé: ẹní tí àwọn ọmọ ń sùn lé, ibùsùn tirẹ̀, igun ẹnu ọ̀nà níbi tí Dagogo máa ń ká jọ sí. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń kà wọ́n.

"Dagogo kì í tètè dé," ó wí, fún ara rẹ̀. "Màá ní kí ó dúró sílé lónìí."

Ó kó àwọn ìgò yòókù jọ sínú aṣọ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Kò wo Gàníyù rárá, kò wò ó bó ti ń wọlé lọ, kò sì wò ó bó ti ń ti ilẹ̀kùn. Ohun tí Solomon ní kí èèyàn máa retí gan-an nìyẹn, Gàníyù sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń wò bóyá ó máa yíjú padà lẹ́ẹ̀kan péré.